Ìdí tí fọ́tò orí ife àti orí aṣọ fi máa ń dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn

Ẹni tó bá ti ṣe ayẹyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìpẹ́ yìí á mọ iṣẹ́ tí mò ń sọ. Màmá fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ sì fẹ́ pín ife àti tí-ṣáàtì tó ní fọ́tò wọn lára. Ọ̀kan nínú wọn á gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Tákìé, tàbí sí àwọn tó wà ní Ọ́ńdà-Jí, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá pọ̀ sí. Kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù: ife funfun tí fọ́tò màmá ti wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ife kankan. Mọ́kọ́pù làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Àfihàn lèmi á máa pè é níbí.

Àfihàn kan á dé tí ẹ ó fi búra pé ife ti jáde tán. Òmíràn á dé tí fọ́tò á kàn lẹ̀ pẹrẹsẹ síbẹ̀, tí ojú á kọ̀ ọ́, tí oníbàárà ò sì ní lè sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ohun méjì ló sábà máa ń ṣe é, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni àyè: ibi tó yẹ kí ojú, etí àti ìlà ọ̀rọ̀ inú fọ́tò bọ́ sí nígbà tí ohun tí wọ́n wà lára rẹ̀ ò tẹ́jú. Ìkejì ni ìmọ́lẹ̀: ibi tó yẹ kí fọ́tò náà ṣókùnkùn díẹ̀, àti ibi tó yẹ kó máa dán. Èèyàn lè ṣe ọ̀kan dáadáa kó gbàgbé èkejì, ojú á sì ṣì kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ife, torí ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ gbé agolo wàrà kan síwájú yín, kẹ́ ẹ wo ìwé tó yí i ká. Lẹ́tà tó kọjú sí yín gan-an fẹ̀ bó ṣe yẹ kó fẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fún, wọ́n ń fún sí i, títí wọ́n á fi yí sẹ́yìn tí ẹ ò ní rí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó fún wọn pọ̀ lórí ìwé; ìwé náà ló ń yí ojú kúrò lọ́dọ̀ yín. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò màmá lára ife náà nìyẹn.

Ife tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.2 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ká ní a pín fọ́tò sí ọ̀já tóóró tóóró, sẹ̀ǹtímítà kan ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti àárín lọ sápá ọ̀tún. Bí kámẹ́rà bá jìnnà díẹ̀ sí ife, ọ̀já àkọ́kọ́ á hàn bíi mìlímítà 9.9, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín rárá. Ọ̀já kẹta á hàn bíi mìlímítà 8. Ìkẹrin á ti bọ́ sí 6.6, ìkarùn-ún sí 4.5, ìkẹfà ò sì ní ju mìlímítà 2 àti díẹ̀ lọ. Ọ̀já kan náà ni gbogbo wọn lórí ìwé. Ẹ ò rí i pé ìfúnpọ̀ náà kì í lọ déédéé: ó máa ń rọra bẹ̀rẹ̀, ó wá ń yára bó ṣe ń sún mọ́ etí ife.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àfihàn ti ń tàsé. Fọ́tò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 yẹ kó hàn lára ife bíi 6.8. Ẹni tó ń kánjú á mú fọ́tò náà, á fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́gbọọgba láti 8 sí 6.8, á sì gbé e síbẹ̀. Ìbú rẹ̀ lápapọ̀ tọ̀nà. Àmọ́ ojú màmá tó wà láàárín ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀gbẹ́ gèlè tó yẹ kó ti máa fún sì ṣì fẹ̀ gbàgàdà. Oníbàárà á ní, “Ojú màmá ò jọ ojú wọn mọ́,” òótọ́ ló sì sọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ àyè ni títẹ̀ ìlà. Bí kámẹ́rà bá ga ju ife lọ díẹ̀, ẹnu ife tó jẹ́ òbìrípo á hàn bí òbìrípo tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, ìdí ife náà á sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀ dọ́gba. Ìdí ife jìnnà sí ojú kámẹ́rà ju ẹnu rẹ̀ lọ nísàlẹ̀, torí náà tirẹ̀ ló máa ń tẹ̀ jù. Bí kámẹ́rà bá wá wà ní ìbámu pẹ̀lú ẹnu ife gan-an, ẹnu á hàn bí ìlà gbọọrọ, ìdí ní tirẹ̀ á ṣì tẹ̀. Nítorí náà, ìlà tó kọjá níwájú orí màmá nínú fọ́tò yẹ kó tẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ “Ẹ kú ọdún àádọ́rin” tó wà nísàlẹ̀ yẹ kó tẹ̀ jù ú lọ, kó sì máa bá ìdí ife rìn lọ ní ọ̀kánkán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ kíákíá bóyá àfihàn kan péye, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá nà gbọọrọ nígbà tí ìdí ife tẹ̀, wọ́n kàn lẹ fọ́tò mọ́ ọn ni.

Nínú Photoshop, `Edit > Transform > Warp` ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní irú ìtẹ̀ kan tó ń jẹ́ `Arch`, èyí tó máa ń tẹ ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀, àmọ́ kì í fún ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Oníṣẹ́ tó bá dúró lórí `Arch` nìkan ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ó ṣì máa fi ọwọ́ fa àwọn ìlà inú rẹ̀ lọ sí etí. GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní `Filters > Map > Map Object`. Ẹ yan `Cylinder` níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ṣe ìfúnpọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ó máa ń gba sùúrù díẹ̀ láti fi í sí ìdúró tó bá ife inú fọ́tò mu, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ ju fífi ojú ìwọ̀n lọ.

Ìfúnpọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà, pàápàá tó bá jẹ́ fọ́tò gbogbo ẹbí. Ká ní fọ́tò náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 lórí ife. Àwọn tó dúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì á bọ́ sínú ọ̀já kẹfà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì ní hàn ju bí igi ìṣáná lọ. Àbúrò màmá tó dúró létí fọ́tò á pe ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà:

“Ọmọ mi, o ò rí i pé o ti fún mi pọ̀? Fẹ̀ mí padà jàre.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ nínú èyí, irọ́ ni mo pa fún yín. Bí ẹ bá gbé ife náà dání tẹ́ ẹ sì yí i díẹ̀, ẹ ó rí ara yín bí ẹ ṣe rí gan-an.”

Ọmọ yẹn gbọ́n. Ohun tó yẹ kó ṣe tẹ̀lé e ni pé kó fi àfihàn mẹ́ta ránṣẹ́: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá máa wà, ẹ jẹ́ kí ojú ẹni tí ayẹyẹ jẹ́ tirẹ̀ wà nínú sẹ̀ǹtímítà 6 tó wà láàárín, torí kò sí ohun tó máa fún un pọ̀ lọ títí níbẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ orí ife ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ara ife ń dán. Ìlà funfun tó máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó wá láti ojú fèrèsé tàbí gílóòbù, orí fọ́tò ló máa ń bọ́ sí, torí pé ojú dídán ni wọ́n tẹ fọ́tò náà sí. Bí fọ́tò bá bo ìlà náà mọ́lẹ̀, ife á dà bí ohun tí wọ́n fi bébà ṣe. Àwọn oníṣẹ́ máa ń gé ìlà náà jáde láti inú fọ́tò ife, wọ́n á gbé e sókè gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fi sí `Screen`, ìyẹn ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà da àwòrán kan pọ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí kì í sọ nǹkan di dúdú, ńṣe ló kàn máa ń mú un mọ́lẹ̀ sí i. Òjìji ẹ̀gbẹ́ ife ní tirẹ̀ ń lọ sí `Multiply`, tí mo máa ṣàlàyé tá a bá dé orí aṣọ.

Aṣọ ló le. Ìbú ife nìkan ti tó láti mọ ibi tí ohun gbogbo máa bọ́ sí, àmọ́ aṣọ ń rún bó bá ṣe wù ú. Kò sí rúlà tó lè wọ̀n ọ́n. Ohun táwọn oníṣẹ́ wá ń ṣe ni pé wọ́n máa ń fi fọ́tò aṣọ náà fúnra rẹ̀ ṣe atọ́nà. Ẹ gbé tí-ṣáàtì funfun kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti apá kan. Ibi tó bá ti rún, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kẹ̀yìn sí i á ṣókùnkùn. Èyí ni pé mímọ́lẹ̀ àti ṣíṣókùnkùn aṣọ ti sọ fún wa apá ibi tí aṣọ náà dà gẹ̀rẹ́ sí. Kọ̀ǹpútà á ka àwọ̀ eérú yẹn lójú kọ̀ọ̀kan, á sì ti fọ́tò màmá síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú Photoshop nìyí. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà fọ́tò aṣọ, wọ́n á yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò kó ku dúdú, funfun àti eérú, wọ́n á sì fi `Gaussian Blur` jẹ́ kó rí báíbàì díẹ̀. Bíbáíbàì yẹn ṣe pàtàkì: òwú aṣọ pàápàá ní dúdú àti funfun tínńtínní nínú, bí wọn ò bá pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà á ka òwú kọ̀ọ̀kan sí ibi tó rún, ètè màmá á sì ṣe págunpàgun. Wọ́n á wá tọ́jú ẹ̀dà yìí bíi fáìlì PSD, wọ́n á padà sórí fọ́tò màmá, wọ́n á sì yan `Filter > Distort > Displace`. Ó máa béèrè nọ́ńbà méjì, `Horizontal Scale` àti `Vertical Scale`, lẹ́yìn náà ló máa ní kí wọ́n mú fáìlì atọ́nà wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń tẹ 10 sínú méjèèjì torí pé òun ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó túmọ̀ sí. Eérú bẹ̀rẹ̀ láti 0, tó jẹ́ dúdú pátápátá, dé 255, tó jẹ́ funfun pátápátá. Ibi tí atọ́nà bá jẹ́ 128, fọ́tò ò ní sún rárá. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju 128 lọ ń tì í síhà kan, ohun tó bá ṣókùnkùn jù ú lọ ń tì í sí ìhà kejì, bó sì ṣe máa sún tó nìyí:

```
(eérú - 128) × Scale ÷ 100
```

Ká ní fọ́tò màmá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28 láyà aṣọ, tó sì jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 700 nínú àfihàn. Píksẹ́ẹ̀lì 25 ló ń dúró fún sẹ̀ǹtímítà kan nìyẹn. Ibì kan rún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jẹ́ 178, èyí tó ṣókùnkùn jẹ́ 78. Bí a bá lo 10, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ á sún ní píksẹ́ẹ̀lì 5 síwájú, èkejì á sún ní 5 sẹ́yìn. Ìlà tó ń kọjá níbẹ̀ á wá yẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn mìlímítà 4. Fún aṣọ tó kàn rún díẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún aṣọ tó ṣẹ́ po jinlẹ̀, 20 ló máa gbà. Àmọ́ mìlímítà 4 lórí imú ẹni kì í ṣe ohun kékeré. Ibi tó rún bá kọjá lójú màmá, ẹ gbé fọ́tò sún, tàbí kẹ́ ẹ wá fọ́tò aṣọ mìíràn; ẹ má fi ojú wọn dán an wò.

Ìṣirò yẹn ló tún ṣàlàyé àṣìṣe kan tó máa ń ya àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ pé, fọ́tò wá fò kúrò ní àyè rẹ̀ lódindi. Aṣọ funfun kì í jẹ́ 128. Ó lè jẹ́ 210. Níbi tí kò ti rún rárá pàápàá, 210 yọ 128 jẹ́ 82, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 8. Gbogbo fọ́tò ti fi mìlímítà 3 sún, àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lóòró. Ohun tó ń wò ó ni pé kí wọ́n fi `Levels` sọ atọ́nà nìkan di dúdú díẹ̀, títí ibi tó tẹ́jú lára aṣọ á fi wà ní nǹkan bíi 128. Dídúdú yìí ò gbọ́dọ̀ kan fọ́tò aṣọ tí oníbàárà máa rí.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tó rún yàtọ̀ sí ohun tó kàn dúdú. Bí ẹ bá fi àdìrẹ tàbí ànkárá ṣe atọ́nà, gbogbo òdòdó aró tó wà lára rẹ̀ á di kòtò lójú rẹ̀, fọ́tò á sì máa yẹ̀ kiri níbi tí aṣọ ti tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti iwájú gan-an, irú bíi ti fíláàṣì fóònù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó rún á mọ́lẹ̀ dọ́gba, atọ́nà ò ní ní ohun tó máa sọ. Bí apá kan aṣọ bá sì ṣẹ́ bo apá kejì, ó yẹ kí díẹ̀ lára fọ́tò pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. `Displace` ò lè pa nǹkan mọ́. Yíyẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi gé ibẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn àyè, ó ku ìmọ́lẹ̀. Fọ́tò tó ti yẹ̀ bá aṣọ mu ṣì máa dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí òjìji aṣọ kò bá kọjá lórí rẹ̀. Fífi fọ́tò sí `Multiply` ló ń ṣe èyí. Kọ̀ǹpútà á mú àwọ̀ fọ́tò, á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ti aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì fi 255 pín in. Níbi tí aṣọ bá jẹ́ 255, fọ́tò ò ní yí padà. Níbi tí òjìji bá wà, fọ́tò á ṣókùnkùn tẹ̀lé e. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ funfun inú fọ́tò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 255 láé. Bó bá jẹ́ 225, gbogbo fọ́tò ti pàdánù ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kó tó kan òjìji rárá, màmá apọ́nbéporẹ́ á sì di adúmáadán. Kí wọ́n mú funfun aṣọ náà sún mọ́ 255 pẹ̀lú `Levels`, kí òjìji nìkan ṣẹ́ kù láti ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ràn `Multiply` fún ìdí mìíràn: ó ń sọ òtítọ́ nípa ohun tí aró lè ṣe. Aró tí wọ́n ń fi ooru tẹ̀ sórí ife àti tí-ṣáàtì, tí wọ́n ń pè ní sọblimẹ́ṣọ̀n, kò ní funfun nínú. Ibi tí fọ́tò bá jẹ́ funfun, ara aṣọ lẹ ó rí. Ara pólísítà nìkan ló sì máa ń wọ̀ dáadáa. Lórí òwú lásán, ó máa ń ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ara ife lásán náà kì í gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi nǹkan kùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sórí tí-ṣáàtì dúdú nínú `Multiply`, á pòórá. Ẹ fi aró tẹ̀ ẹ́ sórí tí-ṣáàtì dúdú gidi, á pòórá bákan náà. Bí ẹnì kan bá wá fi fọ́tò tó mọ́ rokoṣo lórí aṣọ dúdú hàn yín, ẹ bi í pé irú ìtẹ̀wé wo ló fẹ́ lò, torí aró yẹn ò lè ṣe é.

Ohun tó tún máa ń da èèyàn rú ni fáìlì ìtẹ̀wé. Gbogbo títẹ̀, yíyẹ̀ àti òjìji tí mo ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan, inú àfihàn nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Ife gidi ti róbótó tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ fọ́tò. Bí ṣọ́ọ̀bù bá gbé fọ́tò tó ti tẹ̀ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ife á tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ gèlè á fún kọjá bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á wọ́, òjìji tí wọ́n yà sí i á sì jóko sára ife bí àbàwọ́n tí kò ní fọ̀. Tí-ṣáàtì náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló máa rún un.

Fún ife, fáìlì tó yẹ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì ga tó 9. Bí ìtẹ̀wé bá jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú íǹṣì kan, píksẹ́ẹ̀lì 2362 lórí 1063 nìyẹn, ìdí rèé tí ṣọ́ọ̀bù fi máa ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì lórí Wásáàpù, kó má bàa fún un kéré. Wọ́n tún máa ń yí i bíi ti inú dígí, torí pé bébà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ sí kí wọ́n tó dojú rẹ̀ dé ara ife. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá yọjú sí kọ̀ǹpútà wọn tẹ́ ẹ rí i pé “Ẹ kú ọdún àádọ́rin” ń kà láti ẹ̀yìn wá, tí ojú màmá sì tẹ́jú láìsí òjìji kankan lára rẹ̀, ẹ má dá wọn dúró.